Ìkìlọ̀ Lórí Lẹ́tà Àsúráńsì: Ọjọ́ Wo Gan-an Ni Ìwé Yóò Kú?

Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Bó bá dénú rẹ̀, á di odindi. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa dàgbà nìyẹn ní Ìdáàṣà, láàárín òkè 41 tí àwọn ará ìta fi ń pe ìlú wa lórúkọ. A kì í là á mọ́ àgbà lójú pé owó ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. A ó kí i, a ó béèrè àlàáfíà ilé, a ó béèrè oko, kí á tó wá fẹnu kan ọ̀rọ̀ náà fẹ́ẹ́rẹ́. Mi ò bá ìwà yìí jà. Ṣùgbọ́n ibi kan wà tí ààbọ̀ ọ̀rọ̀ kì í ti í di odindi nínú ẹnikẹ́ni, bó ti wù kí onítọ̀hún jẹ́ ọmọlúàbí tó. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ owó àsúráńsì tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá.

Ẹ wo irú iṣẹ́ tí àwọn aṣojú ilé-iṣẹ́ àsúráńsì máa ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù: “Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, Ìyá wa. A ní ká kí yín ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀ wa yẹn. Olúwa á pèsè.” Ó dùn-ún gbọ́, ó sì ní ọ̀wọ̀. Àmọ́ kò sọ iye owó, kò sọ ọjọ́ tó gbẹ̀yìn, kò sì sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí ọjọ́ náà bá kọjá. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, lẹ́tà kan á dé láti Kútọnu ní èdè Faransé. Ọjọ́ wà nínú rẹ̀, òfin wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyá kò lè kà á, ọmọ tó lè kà á sì ti padà sí ilé ẹ̀kọ́ ní Parakú. Ọ̀kan ní ọ̀wọ̀ láìní ọjọ́, èkejì ní ọjọ́ láìní ọ̀wọ̀. Àárín méjèèjì yìí ni owó ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣègbé sí. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ ìkìlọ̀ yìí sí ẹni tó ń san owó àti ẹni tó ń rán an létí.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan tí mo fi ọwọ́ ara mi là sílẹ̀, kí ọ̀rọ̀ lè yé wa. Ká sọ pé Ìyá kan ń gbé ní ẹsẹ̀ òkè níbí, ó ń ta iṣu ní ọjà Gílásúè. Ó gba ìwé àsúráńsì ẹ̀mí tó wà fún ẹ̀kọ́ ọmọ: 10,000 fáráńkì lóṣooṣù fún ọdún 10. Ọjọ́ karùn-ún oṣù ló máa ń san án. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, owó kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í ṣe pé ó ná ìnákúnàá. Ó ti fi owó san iṣẹ́ àwọn tó ń kọ ebè, ó sì ti fi èyí tó kù ra èbù iṣu. Owó rẹ̀ wà nínú ilẹ̀. Ọjọ́ 5 oṣù kẹta kọjá, kò san.

Kí ni òfin sọ? Bẹ̀nẹ̀ wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó ní òfin àsúráńsì kan náà, èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní òfin SIMA. Wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn rẹ̀ ní Yaundé, ní Kamẹrúùnù, ní ọjọ́ 10 oṣù keje ọdún 1992, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kejì ọdún 1995. Lórí àsúráńsì ẹ̀mí, òfin náà ṣe jẹ́jẹ́ pẹ̀lú ẹni tó bá pẹ́. Bí ọjọ́ 10 bá kọjá lẹ́yìn ọjọ́ ìsanwó tí owó kò sì wọlé, ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ lẹ́tà sí i, lẹ́tà rekọmandé tí wọ́n ń gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Lẹ́tà yẹn ló ń fún un ní ọjọ́ 40. Nínú ọjọ́ 40 náà, àdéhùn ṣì wà láàyè. Bí aburú bá ṣẹlẹ̀ sí Ìyá láàárín rẹ̀, àwọn tó kọ orúkọ wọn sílẹ̀ ṣì ní ẹ̀tọ́ sí ohun tí ìwé ṣèlérí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ lè yọ owó tí kò tíì san kúrò nínú rẹ̀. Ọjọ́ 40 yìí ni mo ń pè ní ọjọ́ ìyọ̀ǹda.

Ẹ fara balẹ̀ síbí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ọjọ́ 40 náà kò bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí Ìyá gba lẹ́tà, kò sì bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí ọmọ rẹ̀ dé láti Parakú tó wá kà á fún un. Ọjọ́ tí wọ́n fi lẹ́tà ránṣẹ́ ló bẹ̀rẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ bá fi lẹ́tà náà sí ilé ìfìwéránṣẹ́ ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta, ọjọ́ 40 yóò pé ní ọjọ́ 27 oṣù kẹrin. Bí lẹ́tà bá lo ọ̀sẹ̀ méjì kó tó dé ọwọ́ rẹ̀, ọjọ́ 14 ti lọ kó tó mọ̀, ọjọ́ 26 ló kù fún un. Bí lẹ́tà náà bá sì lọ sí ilé tí Ìyá ti kó kúrò, gbogbo rẹ̀ lè lọ láìjẹ́ pé ó gbọ́ nǹkan kan. Àdírẹ́sì tó fún ilé-iṣẹ́ kẹ́yìn ni wọ́n máa kọ̀wé sí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pààrọ̀ nọ́ńbà fóònù, tẹ́ ẹ ti kó láti Ìdáàṣà lọ sí Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí sí Kútọnu, ṣé ẹ ti sọ fún wọn? Bí ẹ kò bá tíì sọ, ẹ lọ sọ ọ́, kí wọ́n sì fún yín ní ìwé pé ẹ sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ kejì wà nínú ọjọ́ 40 náà. Ọjọ́ 5 oṣù kẹrin wà láàárín rẹ̀. Owó oṣù kẹrin náà ti tó àsan. Òfin kò sọ pé kí Ìyá san ti oṣù kẹta nìkan; ó ní kó san èyí tó jẹ pẹ̀lú gbogbo èyí tó bá tó àsan nínú ọjọ́ 40 náà. Nítorí náà, kì í ṣe 10,000 fáráńkì ló máa gba ìwé yìí là, 20,000 ni. Ìyá tó bá gbé 10,000 lọ ní ọjọ́ 24 oṣù kẹrin, tí inú rẹ̀ ń dùn pé òun ti bọ́, kò tíì bọ́. Bí aṣojú bá gba 10,000 náà lọ́wọ́ rẹ̀ láìsọ pé ó ku 10,000, ó ti tàn án jẹ, bí kò tilẹ̀ ní í lọ́kàn. Òǹkà yìí ni mo fẹ́ kí gbogbo ìránnilétí sọ ní gbangba: iye tí a jẹ lónìí, àti iye tí yóò jẹ́ bí a bá dúró dìgbà tí ọjọ́ bá fẹ́ pé.

Ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ọdún 2025, ọjọ́ Àìkú ni. Àwọn ará ìlú wa wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọ́fíìsì wà ní títì. Ìránnilétí tó dára kò ní sọ pé “ẹ san kó tó di ọjọ́ 27” kó sì dákẹ́. Á ní, “Ọjọ́ Àìkú ni ọjọ́ 27. Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 25, ni ọ́fíìsì wa máa ṣí kẹ́yìn.” Ìlà kan péré ni, ó sì lè gba owó ọdún mélòó kan là.

Kí ni yóò wá ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 28, bí owó kò bá wọlé? Èyí ni àwọn aṣojú wa kì í fẹ́ sọ, torí wọ́n rò pé ó dà bí èpè. Wọ́n á ní “ìwé yín á níṣòro”. Ìṣòro wo? Ohun méjì ni òfin mẹ́nu kàn, wọn kò sì jọra rárá. Bí owó tí Ìyá ti san bá ṣì kéré, tí kò tíì ní iye tó ṣeé gbà padà, àdéhùn náà á kú pátápátá. Èyí ni lẹ́tà Faransé ń pè ní rẹsiliásíọ̀n. Ẹni tó ti san oṣù mẹ́jọ péré lè pàdánù gbogbo 80,000 fáráńkì rẹ̀, nítorí owó ìbẹ̀rẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ fi ń san ìnáwó ìwé àti owó iṣẹ́ ẹni tó ta á. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti san fún ìgbà tó tó, ká ní ó ti san oṣù 30, ìwé náà kò ní kú. Á kàn dín kù ni. Ìyá kò ní san owó mọ́, ìwé á sì dúró títí ọdún 10 á fi pé, ṣùgbọ́n owó tí ọmọ máa gbà á kéré gan-an sí èyí tí wọ́n ṣèlérí, owó tí ìdílé máa gbà bí Ìyá bá ṣaláìsí náà á sì dín kù. Rẹdikísíọ̀n nìyẹn nínú lẹ́tà. Ẹni tó bá rí ọ̀rọ̀ méjì yìí kó mọ̀ pé wọn kì í ṣe ohun kan náà, kó sì béèrè èyí tó kan ìwé tòun gan-an, àti iye tó máa kù ní fáráńkì. Ilé-iṣẹ́ ní òǹkà rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ̀tọ́ yín ni láti béèrè.

Nígbà tí a bá wà lórí ẹ̀tọ́, mo fẹ́ tú àṣìṣe kan ká tó ń dun àwọn àgbà púpọ̀. Ní ayé àtijọ́, bí Yorùbá bá jẹ gbèsè tí kò san, wọ́n lè dógò tì í: onídògò á wá jókòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, á máa pariwo, á máa mú ohun tó bá wù ú nínú ilé, títí ojú á fi ti onígbèsè kó sanwó. Ìtìjú yẹn ṣì wà lára wa. Bí fóònù bá dún tí aṣojú àsúráńsì ń pè, ojú á ti Ìyá, kò sì ní gbé e. Ṣùgbọ́n owó àsúráńsì ẹ̀mí kì í ṣe gbèsè bẹ́ẹ̀. Òfin SIMA sọ ọ́ kedere pé ilé-iṣẹ́ kò lè pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ láti fipá gba owó àsúráńsì ẹ̀mí lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ọlọ́pàá nínú rẹ̀, kò sí kọ́ọ̀tù, kò sí ẹrù tí wọ́n máa gbé. Ohun kan ṣoṣo tí àìsanwó lè mú wá ni kí àdéhùn kú tàbí kó dín kù. Ẹni tó bá wá halẹ̀ mọ́ yín pé òun á kó ẹrù yín, ẹ lé e. Ẹ̀yin aṣojú náà, ẹ má ṣe dógò. Ẹ má ṣe ránṣẹ́ sí ẹlòmíì lọ́jà pé kó bá yín sọ fún Ìyá pé owó rẹ̀ ti pẹ́. Ẹ má ṣe pè é síta nínú ìpàdé ẹgbẹ́. Ọ̀rọ̀ owó rẹ̀, òun nìkan ló ni ín. Ìtìjú ló ń mú kí èèyàn sá fún fóònù, sísá fún fóònù ló sì ń jẹ́ kí ọjọ́ 40 lọ.

Ní báyìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi gbogbo ohun tí mo sọ yìí wo àsúráńsì ọkọ̀. Ìkìlọ̀ tó lágbára jù nìyí, torí ó ń kan àwọn ọlọ́kọ̀ tó ń kó iṣu àti kajú lójú ọ̀nà Kútọnu sí Parakú, ọ̀nà tó gba àárín ìlú wa kọjá. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2011, òfin SIMA ti yí padà lórí àsúráńsì tí kì í ṣe ti ẹ̀mí: àdéhùn kì í bẹ̀rẹ̀ àfi tí owó bá ti wọlé, ilé-iṣẹ́ kò sì gbọ́dọ̀ tún ìwé ṣe fún ẹni tí kò tíì sanwó. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá kan wà tí owó àsúráńsì wọn pọ̀ gan-an, tí òfin yọ̀ǹda pé wọ́n lè pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó yọ ọkọ̀ kúrò nínú ìyọ̀ǹda náà, ó yọ ìlera kúrò, ó sì yọ ẹrù tó wà lójú ọ̀nà kúrò. Fún ọlọ́kọ̀, kò sí ọjọ́ 40, kò sí ọjọ́ 10, kò sí ọjọ́ kan ṣoṣo. Ọjọ́ tí wọ́n kọ sórí ìwé ẹ̀rí tó wà nínú ọkọ̀ yín ni òpin rẹ̀. Bí ó bá parí ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ẹ kò sì san, tí ọkọ̀ yín gbá ọmọ kan ní Ọjọ́rú lójú ọ̀nà Gílásúè, ilé-iṣẹ́ kò ní san nǹkan kan. Ẹ̀yin àti ilé yín lẹ máa ru ìtọ́jú ọmọ náà.

Àwọn ará wa ní Nàìjíríà náà mọ irú òfin yìí. Òfin wọn ti ọdún 2003, èyí tó wà títí di ọdún 2025, sọ pé láìsan owó, kò sí àsúráńsì, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ náà lọ́hùn-ún sì bẹ̀rẹ̀ sí í mú un le láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2013. Nítorí náà, aṣojú tó bá kọ ìwé sí ọlọ́kọ̀ pé “ẹ má fòyà, oṣù kan ṣì wà fún yín” ti fi ẹnu pẹ̀lẹ́ gbé e sínú ewu. Ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ tó tọ́ fún ọlọ́kọ̀ ni èyí tó tètè dé, bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ṣáájú: “Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ìwé ọkọ̀ yín máa parí ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún. Kò sí ọjọ́ ìyọ̀ǹda kankan lẹ́yìn rẹ̀. Láti ọjọ́ 14, bí ẹ kò bá tíì san, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe wa ọkọ̀ náà jáde.”

Ẹgbẹ́ ìlera tí a ń dáwó sí ní abúlé, tí a ń pè ní mútùẹ́lì, tún ní ìlànà tirẹ̀, èyí tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fúnra wọn kọ. Ẹ béèrè lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́: oṣù mélòó ni mo lè pẹ́ kí káàdì mi tó dẹ́kun iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn? Bí mo bá sì padà san, ọjọ́ mélòó ni mo máa dúró kó tó tún ṣiṣẹ́? Ẹ béèrè rẹ̀ kí àìsàn tó dé.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Ìyá oníṣu. Báwo ni mo ṣe fẹ́ kí wọ́n rán an létí? Lẹ́tà rekọmandé gbọ́dọ̀ lọ, kò sí ohun tó lè rọ́pò rẹ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù kì í ṣe lẹ́tà lójú òfin. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ gan-an, kí aṣojú tún fi iṣẹ́ ránṣẹ́ ní èdè wa, kó sì pè é lórí fóònù ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tó bá ti dé láti ọjà. Ká ní Ìyá ti san oṣù 30, ohun tó máa sọ kò ju báyìí lọ:

“Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Ìyá. Ẹ kú ìnáwó oko. Owó àsúráńsì ẹ̀kọ́ ọmọ yín ti oṣù kẹta, 10,000 fáráńkì, kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa. Lónìí, ọjọ́ 18 oṣù kẹta, a fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí yín. Ìwé yín ṣì ń ṣiṣẹ́ títí di ọjọ́ 27 oṣù kẹrin. Ọjọ́ Àìkú ni. Ọ́fíìsì máa ṣí kẹ́yìn ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 25. Bí ẹ bá san kó tó di ọjọ́ 5 oṣù kẹrin, 10,000 ni. Láti ọjọ́ 5, 20,000 ni, torí ti oṣù kẹrin á ti wọ̀ ọ́. Bí ọjọ́ 27 bá kọjá, owó tí ọmọ máa gbà á dín kù gan-an, owó tí ilé máa gbà bí ẹ kò bá sí mọ́ náà á dín kù. A lè sọ iye rẹ̀ fún yín. Bí ẹ bá ti san, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ẹ fi rìsíìtì hàn wá.”

Kò sí ìhàlẹ̀ nínú rẹ̀, kò sì sí ohun tí ó fi pamọ́. Ẹ wo bí ó ṣe sọ “títí di ọjọ́ 27 oṣù kẹrin”. Kò sọ “láàárín ọjọ́ 40”. Bí a bá ní ọjọ́ 40, Ìyá á bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti ọjọ́ tó gbọ́, á sì ṣì í kà. Ẹ ka á fún un, kí ẹ kọ ọjọ́ gan-an. Kí ẹ tún pè é lẹ́ẹ̀kan sí i ní bíi ọjọ́ 10 kó tó pé. Èmi ò rí ohun àìlọ́wọ̀ kankan nínú kí a pe àgbà lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sanwó, ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó san. Ìránnilétí tòótọ́ á mú nọ́ńbà àdéhùn yín wá, èyí tó bá ìwé tó wà nínú àpótí yín mu. Bí ó bá ní kí ẹ fi owó ránṣẹ́ sórí fóònù ẹnìkan tí ẹ kò mọ̀, ẹ dúró. Ẹ pe nọ́ńbà tó wà lórí ìwé àdéhùn, kì í ṣe èyí tó wà nínú iṣẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ránṣẹ́. Ẹ gba rìsíìtì, kí ọjọ́ àti oṣù tí ẹ san fún wà lórí rẹ̀.

Bí ọjọ́ bá sì ti kọjá, ẹ má jókòó sílé. Àdéhùn kan lè gbà kí wọ́n jí ìwé dìde bí ẹ bá san gbogbo èyí tó kù, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ lè tún béèrè nípa ìlera yín kí wọ́n tó gbà. Ohun tó wà nínú ìwé tiyín ni ẹ máa tẹ̀ lé, bí ẹ bá sì ṣe tètè lọ tó ló sàn fún yín.

Ṣùgbọ́n fún Ìyá oníṣu, mo mọ ohun tí mo fẹ́ kó ṣe lẹ́yìn tó bá ti san 20,000 rẹ̀. Kó béèrè bóyá wọ́n lè yí àkókò ìsanwó rẹ̀ padà, kó má jẹ́ oṣooṣù mọ́. Ó mọ ìgbà tí owó ń wọlé fún un: nígbà tí iṣu tuntun bá dé ọjà ní oṣù kẹjọ, àti nígbà tí wọ́n bá ń ra kajú ní ìparí ọyẹ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ òjò, bí ó bá ní igi díẹ̀. Ó tún mọ ìgbà tí gbogbo owó wà nínú ebè. Bí wọ́n bá gbà fún un pé kó san ti ọdún kan lẹ́ẹ̀kan náà ní oṣù kẹsàn-án, kó má kúrò ní ọ́fíìsì láìgba ìwé tí wọ́n kọ ọjọ́ tuntun náà sí, kí wọ́n sì kà á fún un ní èdè rẹ̀ kó tó tẹ̀ka sí i.